Àánú Tó Wà Lórúkọ Agbolé

Bí Àlímọ̀t bá ń rẹ́rìn-ín, àga rọ́bà tó jókòó lé a máa ké. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ṣeré ní yàrá kọ̀ǹpútà Bọ̀dá Gregory ní Lafiaji mọ igbe àga náà dáadáa, wọn a ní, "Àǹtí, ẹ rọra o, àga ń sunkún!" Òun náà a ní, "Ẹ jẹ́ kó sunkún. Ìdí tó gbé yìí, báńkì ló gbé e tẹ́lẹ̀, báńkì náà sì wó."

Òótọ́ ló sọ. Ọdún mọ́kànlá ló lò nídìí kọ̀ǹpútà báńkì kan ní Marina kí báńkì ọ̀hún tó dojú dé, tí gbogbo wọn sì di ẹni tó ń gbé báàgì kiri. Bọ̀dá Gregory ló gbà á síṣẹ́. Bàbá àgbà Bọ̀dá Gregory ti Bràsíìlì dé, òun ló kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí yàrá kọ̀ǹpútà náà wà. Pálọ̀ ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ òkú ẹbí tẹ́lẹ̀, ni Bọ̀dá Gregory to kọ̀ǹpútà márùn-ún sí, tó sì fi wáyà so wọ́n pọ̀. Láàárọ̀, Àlímọ̀t a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní títẹ̀wé àti ìṣirò. Tó bá di ọ̀sán, géèmù ni. Àlímọ̀t fúnra rẹ̀ ló kọ géèmù náà, ó sì sọ ọ́ ní Ihò Olókùnkùn. Èèyàn á wọ inú ihò, á bá ẹranko jà, bí ẹranko bá kú, á fi àpótí kan sílẹ̀. Ohun tó wà nínú àpótí ni gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ń tìtorí ẹ̀ wá.

Lọ́dún 1998 yẹn, Bọ̀dá Gregory kéde pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Adé Iyùn nínú àpótí kí kíláàsì tuntun tó bẹ̀rẹ̀, òun yóò fún un láyè kan nínú kọ́ọ̀sì olóṣù mẹ́fà, lọ́fẹ̀ẹ́. Òun náà ló sì ní kí wọ́n má ṣe fi orúkọ ara wọn wọlé, agbolé ni kí wọ́n máa fi wọlé. "Jẹ́ kí agbolé bá agbolé díje," ó ní. "Ìgbà yẹn ni èrò á pọ̀." Èrò sì pọ̀ lóòótọ́. Láti Adéníji Adélé títí dé Ẹnu Ọ̀wá, wọ́n ń dà wọlé bí ẹni pé wọ́n ń pín sààrà.

Nínú gbogbo wọn, Mariyah nìkan ni kì í pariwo. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, agbolé Ẹlẹ́nì ní Ẹnu Ọ̀wá ni wọ́n ti bí i. Ó ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ tán, ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ṣì ń ránṣọ fún, lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ti ní bó bá lè ní ìwé-ẹ̀rí kọ̀ǹpútà, òun á mú un wọlé. Lójoojúmọ́ tó bá ti kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á wá jókòó, fọ́nrán òwú á ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Ní agbolé wọn, òun nìkan ló ń wá.

"Àǹtí," ó wí lọ́jọ́ kan, "kọ̀ǹpútà yìí kórìíra mi."

Àlímọ̀t yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. "Kò mọ̀ ẹ́, ká tó máa sọ ti pé ó kórìíra ẹ. Kí lo rí lónìí?"

"Ẹ̀pà. Igbá. Ọ̀bẹ tó ti dípẹtà. Ẹ̀pà."

Àlímọ̀t rẹ́rìn-ín, àga ké. "Wò ó, mo tẹ́ àtẹ kan síbẹ̀, bí àtẹ ẹlẹ́pà gan-an. Gbogbo ìgbà tó o bá ṣí àpótí, ẹ̀rọ á he nọ́ńbà kan, láti oókan dé ọgọ́rùn-ún. Tó bá he oókan títí dé ọ̀kàndínlọ́gọ́rin, Yàtàyàtà nìyẹn: ẹ̀pà, igbá, àwọn ìranù bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rin dé ọ̀kàndínlọ́gọ́rùn-ún, Ọ̀wọ́n nìyẹn: òrùka fàdákà, asà. Tó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún gan-an ló he, Ọ̀wọ́ngógó nìyẹn. Adé Iyùn nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún." Mariyah ronú. "Á jẹ́ pé tí mo bá ti ṣí ọgọ́rùn-ún, dandan ni kó kàn mí."

"Háà! Kòtò tí gbogbo ayé ń já sí nìyẹn. Kì í ṣe dandan. Àpótí kì í rántí àpótí tó ṣáájú ẹ̀. Jẹ́ kí èèyàn mẹ́ta ṣí ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, ó ju ẹnì kan lọ díẹ̀ nínú wọn tó máa relé lọ́wọ́ òfo. Ohun tó dùn mí nìyẹn tí mo fi kọ Àánú sí i." Ó na ìka sí igun kan lójú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà kékeré kan wà níbẹ̀, Àánú: 41. "Gbogbo àpótí tó o bá ṣí tí kò sí Adé nínú ẹ̀, èyí á fi oókan kún un. Bó bá dé ọ̀kàndínlọ́gọ́rùn-ún, èyí tó kàn, ẹ̀rọ ò ní he nǹkan kan mọ́, Adé ló máa gbé fún ẹ. Bí Adé bá sì ti jáde, yálà oríire ni o, yálà Àánú ni, ó di òdo, a tún bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ ká máa rí i?"

"Kí ẹni tó ń jìyà lè mọ̀ pé ìyà ń parí bọ̀," Àlímọ̀t ní. "Ní báńkì, a ò rí tiwa."

Láti ọjọ́ yẹn, Mariyah ò ráhùn mọ́. Bó bá ṣí ẹ̀pà, á wo igun, á mi orí bí ẹni tó ń kó àjọ. Àwọn mìíràn ń bú ẹ̀rọ, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn. Òun ń kà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì parí, nọ́ńbà tirẹ̀ wọ àádọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ náà sì ti tàn kálẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń kọ́kọ́ lọ wo igun kọ̀ǹpútà agbolé Ẹlẹ́nì.

Ọ̀rọ̀ tó tàn kálẹ̀ ló gbé Mọ̀núrù wá.

Mọ̀núrù ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Mariyah, ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Kò tẹ kíbọọ̀dù kan rí láyé rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń gbá a, ó ń sọ bí ó ṣe yẹ kí àwọn tó ń gbá a gbá a. Ó wọlé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn àga Mariyah, ó fi gbogbo ojú wo igun. Àánú: 97.

"Mariyah, dìde."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó ku díẹ̀. Mo ní dìde. Ṣé wàá jókòó kí ẹ̀gbọ́n ẹ wà lórí ìdúró ni?"

Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí wọn ò tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí àgbà bá dé, a máa ń dìde fún un. Ọmọ tó bá ń bá ẹ̀gbọ́n jiyàn nítorí àga, ilé ni wọ́n á ti bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mariyah wo Àlímọ̀t. Àlímọ̀t la ẹnu, ó sì pa á dé, torí òun náà ò mọ ohun tí yóò sọ tí kò ní dà bí pé òun ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àìmọ̀wàáhù. Mariyah dìde.

Mọ̀núrù jókòó. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ja ìjà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń na ìka sí kíbọọ̀dù fún un: "Tẹ èyí! Tẹ ìyẹn! Òmùgọ̀, kì í ṣe ìyẹn!" Ó pa ẹranko àkọ́kọ́, ó ṣí àpótí: ẹ̀pà. Ìkejì, igbá. Nígbà tó ṣí ẹ̀kẹta, kọ̀ǹpútà kọrin kékeré tí Àlímọ̀t fi ọjọ́ mẹ́rin kọ sí i, Adé Iyùn sì tàn pupa lójú rẹ̀. Igbe ta. Wọ́n gbé Mọ̀núrù sókè, orí rẹ̀ gbá gílóòbù. "Ẹlẹ́nì! Ẹlẹ́nì!" Ní igun, nọ́ńbà di òdo.

Mariyah gbé báàgì rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn pàápàá, irú ẹ̀rín tí ẹ mọ̀ bí ẹ̀yin náà bá ti jẹ́ àbúrò rí.

Lọ́jọ́ kejì, Àlímọ̀t kò jókòó kó tó sọ̀rọ̀. "Bọ̀dá Gregory, Mariyah ló ni Adé yẹn."

Bọ̀dá Gregory ń fi aṣọ nu ojú kọ̀ǹpútà. "Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?"

"Agbolé Ẹlẹ́nì."

"Ta ló wá láti agbolé Ẹlẹ́nì tó ṣí i?"

"Ẹ gbọ́ mi ná. Nítorí ẹni tí orí ò bá ṣe ni mo ṣe kọ Àánú. Àpótí mẹ́ta ni Mọ̀núrù ṣí. Báwo ni yóò ṣe jẹ àánú ìyà tí kò jẹ?"

"Ìwọ lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Àlímọ̀t, kì í ṣe èmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ibi tó ń lọ. Àlímọ̀t ṣí ètò náà, ó wá ìlà tó ń ka Àánú. Lóòótọ́, orúkọ tí wọ́n fi wọlé ló so kíkà náà mọ́, orúkọ tí wọ́n sì fi ń wọlé, ti agbolé ni. Nígbà tó ń kọ ọ́, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Agbolé ni wọ́n ti tọ́ òun náà dàgbà, ní Òkè Àrìn, níbi tí kò sí ẹni tó ń bèèrè ẹran ta ló wà nínú ìkòkò. Ìyà ọmọ kan, ìyà gbogbo ilé ni. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé adùn rẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó gbá ara rẹ̀ nítan. "Olórí ẹran," ó wí fún ara rẹ̀, "ọdún mọ́kànlá ní báńkì, o ò mọ̀ pé ẹni tó bá ń wo àpò àjọ ló máa ń kó o."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Alhaja Hàwáwù, ìyá àgbà agbolé Ẹlẹ́nì. Alhaja gun àtẹ̀gùn mẹ́ta iwájú ilé, ó mí, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi, ó ní omi náà kò tutù. Ó gbọ́ tẹnu Àlímọ̀t látòkè délẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "mo ti dàgbà, etí mi sì ti di. Ilé ta ló gba Adé?"

"Ilé yín ni, mà."

"Ilé ta ni wọ́n fẹ́ fún láyè?"

"Ilé yín náà ni. Ṣùgbọ́n Mariyah ló..."

"Mariyah ń sọ nǹkan kan ni?" Alhaja yíjú sí i. "Mariyah, ṣé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ?"

Mariyah wo ilẹ̀. Mọ̀núrù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi igi tayín. "Rárá, mà," Mariyah wí.

"Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ má fi ẹ̀rọ òyìnbó da ilé wa rú. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa wá sọ fún wa ta ni àgbà?" Ó gba ike omi tí kò tutù náà, ó mu ún tán, ó lọ.

Ojú Bọ̀dá Gregory ò le tó bó ṣe ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, "Ó dáa. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Èmi á fi àga kejì kún un ní kíláàsì. Ẹni tó bá tún rí Adé kí a tó ti ilẹ̀kùn ní Sátidé, òun ló ni ín."

"Orúkọ ara wọn ni kí wọ́n fi wọlé báyìí," Àlímọ̀t ní. "Kí kálukú ní Àánú tirẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tó fi ń ṣí i."

"Ṣe é."

Ó ṣe é. Ó so kíkà mọ́ ènìyàn dípò agbolé, ó dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Ó wá ku ohun kan. Nínú àkọsílẹ̀ tuntun, òdo ni gbogbo èèyàn. Lórí ìlà Mariyah, ó tẹ 9, ó tẹ 7. Ó wò ó. Kíkà tirẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i tó ń kó o jọ, ẹ̀pà lórí ẹ̀pà.

Bọ̀dá Gregory yọjú lẹ́yìn rẹ̀. "Kí nìyẹn?"

"Ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè ni."

"O fi ọwọ́ kọ ọ́ ni! Àlímọ̀t, tó bá jókòó tó ṣí àpótí mẹ́ta, tí Adé jáde, kí ni Mọ̀núrù yóò sọ? Òjóró! Wọ́n á ní o gbé Adé fún ọ̀rẹ́ ẹ. Gbogbo agbolé á yọ ẹsẹ̀, màá wá máa bá kọ̀ǹpútà márùn-ún ṣeré fúnra mi. Jẹ́ kí gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìyẹn ló mọ́."

Àlímọ̀t ṣírò. Ọjọ́ mẹ́fà, wákàtí méjì lójúmọ́; ọwọ́ Mariyah yá, ó lè tó ọgọ́rin àpótí. Nínú ọgọ́rin àpótí, kí Adé jáde ju kí ó má jáde lọ, díẹ̀. Ó ju ìdajì lọ. Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún rántí bí wọ́n ṣe lé wọn jáde lọ́jọ́ tí báńkì wó, bí wọ́n ṣe ń yẹ àpò rẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà bí olè. Ó pa 9 rẹ́, ó pa 7 rẹ́, ó fi òdo sílẹ̀.

Nígbà tí Mariyah dé, ó sọ fún un. Kò fi ohunkóhun pamọ́.

"Ó ju ìdajì lọ," Àlímọ̀t ní. "Mo ṣírò rẹ̀."

Mariyah ń wo igun kọ̀ǹpútà. "Àǹtí, àpótí mẹ́ta ló kù fún mi."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé..."

"Ẹ ṣé, mà," Mariyah ní, ó sì jókòó.

Ó ṣeré lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ṣeré lọ́jọ́ Túsìdè. Lọ́jọ́ kẹta, NEPA mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, wọ́n jókòó nínú òkùnkùn, wọ́n ń fi ìwé lé ẹ̀fọn. Mariyah padà wá lọ́jọ́ kejì. Mọ̀núrù kò wá mọ́. Ohun tó wá fún, ó ti mú un. Àwọn tó kù ń gbìyànjú tiwọn, ọmọbìnrin kan láti Adéníji Adélé tilẹ̀ rí asà mẹ́ta léraléra, ó ń jó. Mariyah rí òrùka fàdákà díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá he nọ́ńbà, Àlímọ̀t tó kọ ọ́, tó mọ̀ pé kò ní ojú, tó mọ̀ pé kò ní etí, a máa bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ bí ẹni ń bẹ ọlọ́pàá.

Ní Sátidé, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, nọ́ńbà igun ka méjìdínlọ́gọ́rin. Gbogbo wọn yí àga ká. Ó ṣí ọ̀kan: ẹ̀pà. Ẹnì kan ní, "Ẹ̀pà yìí tó ṣe kúlíkúlí," wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ ìjà mìíràn, Bọ̀dá Gregory sì wo aago, ó ní àkókò ti tó.

"Ẹ jẹ́ kó parí ti ọwọ́ ẹ̀," Àlímọ̀t ní.

Ó parí rẹ̀. Ó ṣí i. Igbá.

Mariyah ti àga sẹ́yìn, ó dìde fúnra rẹ̀. Àlímọ̀t sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, itan ń gbá itan. "Mariyah, dúró. Mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́. Mọ̀núrù yẹn..."

"Àǹtí, Bọ̀dá Mọ̀núrù gba àga lọ́wọ́ mi," Mariyah ní, ohùn rẹ̀ jẹ́ẹ́. "Àga ni wọ́n gbà. Ẹ̀yin lẹ gba iye tí mo ti kó jọ. Ẹ mọ̀ pé tèmi ni, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ tún pa á rẹ́."

Àlímọ̀t padà wọlé, ó pa àwọn kọ̀ǹpútà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Mọ̀núrù wá pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ó tẹ lẹ́tà díẹ̀, ó sùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó yọjú lẹ́ẹ̀kan, ní ọ̀sẹ̀ kẹta kò wá rárá; ó ní ọrùn ń dun òun. Àga rẹ̀ ṣófo láàárín àwọn tó kù. Àlímọ̀t kò jẹ́ kí Bọ̀dá Gregory sinmi títí ó fi ní, "Lọ pe Mariyah wá. Kí n lè gbádùn etí mi."

Àlímọ̀t rìn dé Ẹnu Ọ̀wá ní ọ̀sán gangan, ó ń làágùn, gèlè rẹ̀ ti wọ́ dé etí kan. Lábẹ́ àtẹ̀gùn, Mariyah jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó kí i dáadáa, ó sì fi àpótí ìjókòó fún un.

"Àga Mọ̀núrù ṣófo," Àlímọ̀t ní. "Bọ̀dá Gregory ní kó o máa bọ̀. Lọ́la. Oṣù márùn-ún ṣì kù."

Mariyah gbé aṣọ tó ń rán, ó gé òwú rẹ̀ pẹ̀lú eyín. "Ọ̀rẹ́ mi ti mú ẹlòmíràn wọlé ní ọ́fíìsì yẹn, mà. Àná ló sọ fún mi."

"Ìyẹn nìkan kọ́ ni ọ́fíìsì tó wà ní Èkó!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Mọ̀núrù sókè. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbọ́ nínú ilé pé àga Bọ̀dá Mọ̀núrù ni mo lọ jókòó lé, ọ̀rọ̀ á pọ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá Gregory."

Àlímọ̀t fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá Mariyah yọ orí jáde láti inú ilé, ó ní, "Ta ló wá? Oníbàárà ni?"

Mariyah wo Àlímọ̀t. Ó dúró dè é kó dáhùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá," Àlímọ̀t ní. "Mo wá rán bùbá ni."

Mariyah mú okùn ìwọ̀n kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí Àlímọ̀t na apá méjèèjì. Ó wọn ejìká, ó wọn àyà. Agbára káká ni okùn fi yí àyà náà ká, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó wọn apá. Lẹ́yìn náà ó ní kí Àǹtí yí ẹ̀yìn padà, kí òun wọn ẹ̀yìn.